Ìyá Pátákó àti Yẹ́lò Òfìfo

Èmi ni mo ń gé bébà àlẹ̀mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe pátákó ojú ọ̀nà. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, mo sì ti gbà á lórúkọ, nítorí àlùmọ́gàjí kì í jìnnà sọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ara tù mí: inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń wò wá bí ẹni tó kàn ń kun páànù lásán. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó lọ sáré lórí ọ̀nà tí kò ní pátákó kankan, kó wá padà wá sọ bó ṣe rí fún mi. Ìyẹn bó bá padà wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo jókòó sọ. Ọ̀rọ̀ ìyá kan ni, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Ìyá Pátákó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà tó dé. Ó wà níbẹ̀ títí bébà tó máa ń tàn yanran bí iná mọ́tò bá bà á fi dé, kò sì sí pátákó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà wa tí ojú rẹ̀ kò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, agídí rẹ̀ kò sì kéré. Ohun tó wá ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé kò wa mọ́tò rí láyé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ pàápàá, kò gùn ún rí.

Wẹ́dà wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fẹ́ràn láti máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Á ní, "Ìyá Pátákó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń júwe ọ̀nà fún gbogbo ayé, bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sílé, ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn."

Ìyá náà á ní, "Ṣé ẹni tó rán aṣọ ọkọ ìyàwó náà ló máa gbé ìyàwó ọ̀hún ni? Jó irin rẹ, jàre."

Bí pátákó bá ti parí, á gbé e ti ògiri ìpẹ̀kun ọgbà, á ka ogójì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, á yọ awò ojú rẹ̀, á sì di ojú kan. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó ń yọ awò nígbà tó yẹ kó wò ó dáadáa. Ó ní, "Awakọ̀ tó ń sáré bọ̀ kì í rí i dáadáa. Ìrísí ló kọ́kọ́ ń rí. Àwọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó dìgbà tó bá sún mọ́ ọn kó tó rí àwòrán inú rẹ̀. Bí ìrísí bá ti tàn án jẹ, àwòrán dé ẹ̀yìn ọ̀ràn nìyẹn."

Níbi tiwa, yẹ́lò onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó kan ni pátákó ìkìlọ̀. Etí rẹ̀ dúdú, àwòrán inú rẹ̀ náà dúdú: ọ̀nà tó kọ́rọ́, ọmọ iléèwé, màlúù. Róbótó tó ní etí pupa ló ń sọ pé o kò gbọdọ̀. Àwọn méjì kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ jọ òmíràn rárá. Ọ̀kan ni onígun mẹ́jọ tó ní kéèyàn dúró pátápátá. Ìkejì ni onígun mẹ́ta tó dorí kodò, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sílẹ̀, tó ní kó o fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó wà lójú títì tó o fẹ́ wọ̀. Ìyá Pátákó ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀. Ó ní bí ẹrẹ̀ bá bo gbogbo ojú wọn, o gbọ́dọ̀ ṣì mọ̀ wọ́n. Ó ní bó o bá tilẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, tí ò ń wo páànù lásán, o gbọ́dọ̀ ṣì mọ̀ wọ́n.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Inú ṣọ́ọ̀bù wa lọmọ yẹn dàgbà sí, nítorí ibẹ̀ ló ń bọ̀ bí iléèwé bá ti jáde. Lẹ́yìnkùlé wa, a máa ń to àwọn pátákó ògbólógbòó tí wọ́n dá padà fún àtúnṣe síbẹ̀, àwọn tí oòrùn ti bó àwòrán inú wọn dànù. Ìyá rẹ̀ á gbé ọ̀kan sókè, á ní, "Kí lèyí?" Ọmọ á ní, "Ọ̀nà kọ́rọ́." Á gbé òmíràn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ọmọ á pariwo pé, "Yẹ́lò òfìfo! Àwòrán rẹ̀ ti bọ́!" Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Eré ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀.

Ọmọ náà dàgbà, ó di awakọ̀, ó sì lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ó ríṣẹ́ níbẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré pín ẹrù káàkiri ilé àwọn èèyàn. Ó ti lo oṣù mẹ́ta nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èdè wọn kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lè kí èèyàn, ó lè ra búrẹ́dì, àmọ́ bí wọ́n bá kó ìwé fún un, á jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́ja eléégún.

Ó pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, bí aago mẹ́wàá. Orí tábìlì mi ni Ìyá Pátákó gbé fóònù lé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kún fún gọ́ọ̀mù, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o. Mo wà láàyè."

Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyẹn! Àyà ìyá já kó tó dáhùn.

Ọmọ ní lánàá, òun ń bọ̀ lójú títì kan, ọkọ̀ funfun kan sì já jáde láti ọ̀nà kékeré tó wà lápá ọ̀tún òun, ó kọlu òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa ju ìgúnpá òun tó bó díẹ̀ lọ. Àmọ́ wọ́n ti bi òun léèrè ọ̀rọ̀ lọ́fíìsì, òun sì ti sọ fún wọn fúnra òun pé òun lòun jẹ̀bi. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ní kí òun wá fọwọ́ sí i níwájú ọ̀gá.

"Kí ló dé tó o fi sọ pé o jẹ̀bi?"

"Màámi, ohun tí wọ́n kọ́ wa níbí nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá dé oríta tí kò sí àmì kankan, ẹni tó bá ti apá ọ̀tún yín wá ló máa kọ́kọ́ kọjá. Apá ọ̀tún mi ló ti wá. Mi ò dúró fún un."

"Bó o bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú sì so mọ́ iṣẹ́ yìí. Bí iṣẹ́ bá lọ, màá máa bọ̀ nílé nìyẹn."

Ìyá Pátákó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gọ́ọ̀mù kì í kúrò báyẹn. "Ó dá ọ lójú pé kò sí àmì kankan níbẹ̀?"

"Ọ̀kan péré ló wà, kí n tó dé oríta náà. Yẹ́lò òfìfo ni, Màámi. Àwòrán rẹ̀ ti bọ́."

Èmi náà mi orí. Kí la fẹ́ wí sí pátákó tí àwòrán rẹ̀ ti bọ́? Ìyá Pátákó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Bóyá wọ́n á ṣàánú ẹ. Bó o bá ya fọ́tò níbẹ̀, ṣáà fi í ránṣẹ́ sí mi, kí n fojú ara mi rí i pé o ò fara pa jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò béèrè fọ́tò yẹn nítorí àmì rárá. Ìgúnpá ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí.

Fọ́tò mẹ́ta ló wọlé. Èkíní fi ọkọ̀ méjèèjì hàn, ọ̀kan ti wọnú ara èkejì. Èkejì, ọmọ dúró ní òdìkejì títì, ó ya ẹnu ọ̀nà kékeré tí ọkọ̀ funfun ti já jáde. Ẹ̀kẹta fi ojú títì tí òun fúnra rẹ̀ gbà bọ̀ hàn, òpó kan wà létí rẹ̀, pátákó yẹ́lò sì wà lórí òpó náà. Ìgúnpá kò sí nínú ìkankan. Ìyá Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò pariwo, ó kàn ń sun ún bó ṣe ń fi ìka kékeré tí gọ́ọ̀mù kò sí lára rẹ̀ yí fọ́tò lọ yí fọ́tò bọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ dúró.

"Àlùmọ́gàjí, wá wo nǹkan."

Ó ti fa fọ́tò náà títí yẹ́lò fi kún ojú fóònù. "Iṣẹ́ rẹ nìyí. Bí àwòrán bá bọ́ lára pátákó, kí ló máa ń ṣẹ́ kù?"

Mo ní, "Ojú ibẹ̀ ni. Gọ́ọ̀mù á dúdú níbẹ̀. Tàbí kí yẹ́lò abẹ́ rẹ̀ ṣì mọ́ ju ti àyíká lọ, torí oòrùn ò tíì jẹ ẹ́."

"Fi hàn mí."

Mo wò ó. Mo gba fóònù, mo gbé e súnmọ́ wíńdò. Yẹ́lò náà dọ́gba láti etí dé etí. Kò sí òjìji àwòrán, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí bébà tó gbé etí sókè.

"Wo etí rẹ̀ náà," ó ní. Omi ṣì wà lójú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Funfun. Ó sì fẹ̀. Ta ló ń fi etí funfun sí yẹ́lò? Dúdú la máa ń fi sí i."

"Bóyá dúdú wọn tán lọ́jọ́ náà."

"Má bá mi ṣàwàdà. Ẹni tó gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí, tó fi funfun yí i po láìyẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, nǹkan kan kò tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán kankan kò bọ́ níbí. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Òfìfo ni wọ́n bí i."

Mo ti bá ìyá yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, àmọ́ nǹkan míì tún wà níbẹ̀, tó dà bí ti ọmọ tó rí àpótí tí wọ́n tì pa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì ṣe irú pátákó yìí rí. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń wí.

Ó ní ká jọ wo àwọn fọ́tò àtijọ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti débẹ̀ ló ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́: tòun ti ẹ̀wù òtútù, tòun ti ọkọ̀ tuntun, tòun ti ajá ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀rín ọmọ la máa ń wò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn orí rẹ̀ la ń wò. Wẹ́dà pa iná rẹ̀, ó wá dúró tì wá. Àwàdà kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tá a ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá Pátákó na ìka sí fọ́tò kan. "Onígun mẹ́ta, etí pupa, inú funfun, ọmọ méjì tó ń sáré. Kí lèyí?"

"Ìkìlọ̀ ni," Wẹ́dà ní. "Ọmọ iléèwé."

Ó yí i sí òmíràn. "Onígun mẹ́ta, etí pupa, ọ̀nà tó kọ́rọ́. Ìkìlọ̀ náà ni. Ṣé ẹ rí i? Lọ́dọ̀ tiwọn, onígun mẹ́ta ló ń kìlọ̀. Kò kan yẹ́lò onígun mẹ́rin. Èmi ni mo gbé ẹ̀wù ilé wa wọ pátákó ìlú onílùú." Ó fi ọwọ́ gbá àyà. "Àlejò lójú, kò fi í ríran. Èmi ò tilẹ̀ rin ìrìn àjò, ojú àlejò ni mo fi wò ó."

"Bí kì í bá ṣe ìkìlọ̀, kí ló wá jẹ́?" ni mo bi í.

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Fọ́tò tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà wà létí ìlú kan, afẹ́fẹ́ ti gbé ìbòrí rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, yẹ́lò òfìfo náà tún wà, etí rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n eléyìí, ìlà dúdú ti dábùú rẹ̀ láti igun kan dé èkejì.

Mo pariwo lójú ẹsẹ̀. "Èèwọ̀ ni! Wọ́n ti fagi lé e. Ohun yòówù kó jẹ́, wọ́n ní kéèyàn má ṣe é níbẹ̀."

"Kí ni àwọ̀ ìlà tá à ń fi dá nǹkan léèwọ̀?"

"Pupa."

"Inú kí ló máa ń wà?"

"Inú róbótó." Mo ti ń rí i pé mo ti kánjú.

"Eléyìí ńkọ́? Dúdú. Kò sì sí róbótó kankan níbẹ̀." Ó ń wá nǹkan nínú àwọn fọ́tò, ó ń yí wọn kíákíá, títí tó fi rí i: róbótó funfun kan, nọ́ńbà àádọ́ta wà nínú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ìlà dúdú dábùú rẹ̀, pupa kankan kò sí lára rẹ̀. "Ẹ wo èyí. Ta ló máa dá eré àádọ́ta léèwọ̀, kó má fi pupa kan án? Kì í ṣe pé wọ́n dá a léèwọ̀. Wọ́n ní ó ti parí ni. Àádọ́ta tí wọ́n pa láṣẹ fún ẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ibí ló mọ. Nítorí náà, yẹ́lò tí wọ́n fi dúdú dábùú, yẹ́lò yẹn ti parí nìyẹn."

Wẹ́dà ní, "Ṣé ìkìlọ̀ máa ń parí ni?"

Mo fẹ́ràn Wẹ́dà lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yẹn ló ṣí ọ̀nà. Ìyá Pátákó wò ó pẹ́ títí. Ó ní, "Rárá. O kọjá kọ́nà tán, kọ́nà ti tán, kò sẹ́ni tó máa ri pátákó mọ́lẹ̀ torí ìyẹn. Ohun tó ń tẹ̀ lé ẹ lọ lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Nǹkan tí ọ̀nà yẹn ní. Nǹkan tí wọ́n fún un."

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wọlé, tó ní àwọn kan wà níta tí wọ́n ń retí pátákó mẹ́rìnlá, ó sì bá wa mẹ́ta tá a forí jọ sórí fóònù. Kó tó la ẹnu, Ìyá Pátákó dìde dúró. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán yìí fún mi. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò tọrọ rẹ̀ rí." Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ó jáde lọ bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀. Èèyàn dáadáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń kùn.

Ó padà sórí fọ́tò kejì, èyí tó fi ẹnu ọ̀nà kékeré hàn. A ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ilé kan, igi kan, ọkọ̀ funfun tí gíláàsì iwájú rẹ̀ là, àti òpó kan létí ibẹ̀ tó ní páànù lórí. Páànù náà kọ ẹ̀yìn sí wa, àwọ̀ eérú lásán ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí àmì. Ọmọ náà pàápàá kò kà á sí. Ìyá Pátákó yọ awò ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ tó mú fóònù síwájú títí ọwọ́ fi tán, ó di ojú kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lọ́gbà.

"Ìrísí," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ wálẹ̀. "Kí ni ìrísí rẹ̀?"

Mo wò ó. Onígun mẹ́ta ni. Ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sílẹ̀.

"Ta ló kọjú sí?"

"Ẹni tó ń ti ọ̀nà kékeré bọ̀," ni Wẹ́dà dáhùn.

"Òun ni wọ́n ní kó fi ọ̀nà sílẹ̀. Ọmọ mi kọ́." Ó jókòó sórí àga mi. "Oríta náà lámì o! Òfin apá ọ̀tún, ti oríta tí kò ní àmì ni. Ó wá yé mi wàyí. Bí ọ̀nà kan bá ní agbára láti kọ́kọ́ kọjá, wọ́n á sọ fún ẹni tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀. Onígun mẹ́ta yìí ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Yẹ́lò yẹn ló ń sọ ọ́ fún ọmọ mi: ìwọ lo lọ̀nà, máa lọ, títí tó o fi máa rí èmi kan náà tí wọ́n ti dábùú. Kí ló tún fẹ́ fi àwòrán ṣe?"

Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Aago tiwọn àti tiwa bára mu.

A pe ọmọ náà, kò gbé e. A tún pè é. Wẹ́dà ní bóyá ó ti wọ ọ́fíìsì, tí wọ́n ti ní kó pa fóònù. Ìyá Pátákó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ ń fà lára fóònù. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Èmi ni mo ní kó fọwọ́ sí i. Èmi ni." Ó ń tún un sọ. Èèyàn máa ń ro pé ẹ̀rù ìyá kì í ju kí nǹkan ṣe ọmọ òun lọ. Irọ́ ni. Kí nǹkan ṣe é nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ló burú jù.

Ìgbà kẹfà, ó gbé e.

"Màámi, iwájú ọ̀gá ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n—"

"Gbé bírò sílẹ̀." Kò pariwo. "Gbọ́ mi. Láti ibi tí yẹ́lò òfìfo yẹn wà títí dé oríta, ǹjẹ́ o rí òmíràn tí wọ́n fi ìlà dúdú dábùú?"

"Rárá o. Òun nìkan ló wà."

"Àwòrán rẹ̀ kò bọ́. Kò ní àwòrán rí. Nínú fọ́tò tó o yà, onígun mẹ́ta tó dorí kodò wà lẹ́nu ọ̀nà kékeré yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo rí, torí kì í ṣe ìwọ ló kọjú sí. Fi han ọ̀gá rẹ. Ìwé àmì ojú ọ̀nà wọn á wà ní ọ́fíìsì yẹn. Ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wá yẹ́lò yẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ mi, ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Àmọ́ má fọwọ́ sí nǹkan kan kí wọ́n tó ṣí i."

Fóònù kú. A jókòó. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wọlé wá, òun náà jókòó. Àwọn tó ń retí pátákó mẹ́rìnlá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Wẹ́dà fi ọwọ́ ṣe fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tá à ń retí. Mo gé bébà kan tí kò sẹ́ni tó ní kí n gé. Mo bà á jẹ́.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni fóònù dún. Ìyá Pátákó gbé e sétí. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

"Màámi, ó wà nínú ìwé! Ojú ìwé kejì! Ọ̀nà tó ní ẹ̀tọ́ àtikọ́kọ́ kọjá ni. Ọ̀gá fúnra wọn wo fọ́tò, wọ́n wo ẹ̀yìn pátákó yẹn, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní àwọn máa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, torí mo sọ pé mo jẹ̀bi làwọn kò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti ya ìwé náà. Wọ́n ti dá kọ́kọ́rọ́ mi padà."

Wẹ́dà pariwo. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́.

"Wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní ṣé awakọ̀ ni ìyá mi. Mo ní rárá, wọn ò wa mọ́tò rí."

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Pátákó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Èmi ni mo ní kó o fọwọ́ sí i láàárọ̀. N kò tíì wò ó kí n tó sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lóhùn ọmọ náà.

"Màámi, nígbà tẹ́ ẹ pè, bírò ti wà lórí ìwé. Mo ti kọ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ mi."

Ìyá Pátákó na fóònù sí mi pé kí n bá òun dáhùn. Mo gbà á, mo gbé e sétí, mo sì sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú.